Èsúnsún Kì Í Ṣe Olè: Bí Mo Ṣe Pa Kámẹ́rà Ilé Wa Lẹ́nu Mọ́

Wọ́n jí ẹ̀rọ tó ń fa omi nílé wa ní Ọbáńtokò, Abẹ́òkúta. Kámẹ́rà rí olè náà o! Ó fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù màámi lóru yẹn gan-an, àmọ́ wọ́n ti pa ohùn ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Àfòpiná ni mo ń rí níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣé kí n má sùn ni?"

Wọn ò jẹ̀bi. Mo ṣí fídíò òru kan tí òjò rọ̀, mo ka ìkìlọ̀ 41. Kòkòrò, pàápàá èsúnsún, ló fa 29. Ẹ̀ka igi máńgòrò fa 7. Iná ọkọ̀ fa 5. Èèyàn kankan ò sí níbẹ̀.

Kí ló dé tí kòkòrò fi ń dààmú kámẹ́rà tó bẹ́ẹ̀? Kámẹ́rà wa ò mọ èèyàn yàtọ̀. Ó kàn ń fi àwòrán ìsinsìnyí wé èyí tó ṣáájú ni. Bí ibi tó yí padà bá ti tóbi tó, ó ké. Kòkòrò tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 2, tó bá fò kọjá ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí lẹ́ǹsì, máa tóbi lójú ẹ̀ bíi nǹkan tó ga ní mítà 1 tó wà ní mítà 5. Yàtọ̀ síyẹn, lóru, kámẹ́rà máa ń tan iná infúráréèdì, tí ojú wa ò rí, láti ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì. Kòkòrò yẹn fi ìlọ́po 50 sún mọ́ iná náà ju nǹkan tó wà ní mítà 5 lọ, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tó ń bà á jẹ́ ìlọ́po 2,500. Ìyẹn ló jẹ́ kó funfun báláú bí iwin.

Ta ló pè wọ́n wá? Gílóòbù funfun tó wà lókè kámẹ́rà ni. Ọ̀pọ̀ kòkòrò ò rí infúráréèdì. A gbé gílóòbù náà lọ sí ìpẹ̀kun fẹ́ǹsì. A pa iná inú kámẹ́rà, a sì gbé iná infúráréèdì mìíràn kọ́ ní mítà 2 sí i, kí kòkòrò iwájú lẹ́ǹsì lè wà nínú òkùnkùn. Mo tún nu ilé aláǹtakùn kúrò lára ẹ̀. Ó máa ń tún un kọ́, nítorí náà mo ń nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Fún igi máńgòrò, mo lo `Detection Zone`: mo fa ìlà yí àgbàlá àti géètì nìkan ká. Mo sì dojú kámẹ́rà kọlẹ̀ kí títì lè kúrò nínú àwòrán. Àmọ́ iná ọkọ̀ ṣì ń gba abẹ́ géètì wọlé, òjìji á máa sá kiri nínú àgbàlá. Ìlà ò lè dá ìyẹn dúró. Ibẹ̀ ni `Human Detection` ti wúlò, torí ó ń wo ìrísí nǹkan kó tó ké, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń ṣì í mú nígbà mìíràn.

Ẹ má kàn fa `Sensitivity` wálẹ̀ o! Mo ṣe é, mo wọ aṣọ dúdú lóru, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ rìn láti géètì dé ìdí kànga. Fóònù ò dún. Mo gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, mo sì ń tún un rìn, títí tó fi dún.

Lóru òjò tó tẹ̀ lé e, ìkìlọ̀ 3 ló wọlé: iná ọkọ̀ 2, ológbò 1. Màámi ti tan ohùn fóònù wọn padà.