Háífìn Nínú Ímeèlì Ọjà

Ká ní ìyá kan tó ń ta epo pupa n'Íbàdàn gba ímeèlì láti ilé ìtajà kan ní Lọ́ńdọ̀nù: "Please send 20 litre kegs." Kí ni wọ́n ní kó kó wá? Ó lè jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà kan péré. Ó sì lè jẹ́ kẹ́ẹ̀gì ńlá tó ń gba lítà 20, láìsọ iye tí wọ́n fẹ́. Bí ìyá yìí bá dá a rò, tó di kẹ́ẹ̀gì ńlá 20, lítà 400 ló máa gbéra, nígbà tó ṣeé ṣe kó jẹ́ lítà 20 ni oníbàárà ní lọ́kàn.

Háífìn, ìlà kékeré tó máa ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ "20-litre kegs", 20 ti lẹ̀ mọ́ lítà, kò sí lára iye kẹ́ẹ̀gì mọ́. Iye kẹ́ẹ̀gì á wá dá dúró níwájú, ó sì dára kí wọ́n fi lẹ́tà kọ ọ́ kí nọ́ńbà méjì má baà fara kan ara wọn: "fifteen 20-litre kegs".

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àdéhùn. Nínú "long-term contract", háífìn sọ pé àkókò àdéhùn náà ló gùn. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹni tó ń kà á lè rò pé ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀ ló gùn jàǹrànjanran. Ní ti "up-to-date records", kò sí èyí tó lè dá dúró níwájú "records" nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà kó sì ní ìtumọ̀ tí wọ́n fẹ́, ìdí nìyẹn tí háífìn fi jẹ́ méjì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ orúkọ. Bí àpèjúwe bá bọ́ sẹ́yìn, háífìn sábà máa ń kúrò: "Our records are up to date." Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè kan ṣì máa ń fi í sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tó yẹ kí ọ̀gá torí ẹ̀ bú akọ̀wé. Àmọ́ "newly-packed oil" kò nílò rẹ̀ rárá, torí "-ly" ti fi hàn pé "packed" ni "newly" ń bá lọ.

Ẹ tún kíyè sí "three-months contract". "Three-month" ló tọ̀nà, bí oṣù náà tilẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Kí ẹ má sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ háífìn bíi "long - term", àfi ibi kan ṣoṣo: bí oníbàárà bá fẹ́ ìwọ̀n méjì, háífìn àkọ́kọ́ á dúró de ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀, báyìí: "ten 5- and fifteen 20-litre kegs". Lítà 350 nìyẹn.