Aago Ọwọ́ Màmá Àgbà

Nígbà tí ọmọ-ọmọ náà wọ yunifásítì ni màmá àgbà bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún un. Kì í lo bátìrì. Kókó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń yí láràárọ̀. Òun ni màmá fi ṣiṣẹ́ tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò pẹ́ lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ tó fi kú.

Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà nínú àpótí. Gbogbo ẹni tó gbé e lọ bá nílùú Ìbàdàn ló ń sọ pé wọ́n ti yí i jù, kó jẹ́ kí wọ́n yọ ẹ̀rọ inú rẹ̀, kí wọ́n fi ti oníbátìrì rọ́pò rẹ̀. Ó kọ̀. Lójú tèmi, kíkọ̀ yẹn ló gba aago náà là.

Bàbá àgbàlagbà kan ní Dùgbẹ̀ ló wá bá a ṣe é. Kò kọ́kọ́ ṣí i rárá. Ó fọwọ́ kan kókó náà, ó le, kò yí. Ó mi aago náà, ó dún ká-ká-ká, ó tún dákẹ́.

"Ọmọ mi, sípíríǹgì yìí kò já," ó ní. "Bó bá já ni, ṣe ni kókó yìí á máa yí lọ láìdúró. Òróró inú rẹ̀ ló gbẹ."

Sípíríǹgì tó ká jọ ló ń ti àwọn jíà, àwọn jíà náà ló sì ń ti kẹ̀kẹ́ kan tó ń fì síwá sẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ aago ayé ìgbà náà, ó máa ń dún ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀kán òróró tín-ín-tín ló ń jẹ́ kí gbogbo wọn yí geere. Bó bá pẹ́, òróró náà á ki bí oje igi, agbára sípíríǹgì kò sì ní í rí ọ̀nà gbà.

Bàbá ṣí ẹ̀yìn aago. Lára ọmọrí rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, ẹnì kan ti fi abẹ́rẹ́ họ 1974, ẹlòmíràn họ 1981: àmì àwọn tó ti fọ̀ ọ́ rí. Ọmọ náà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé màmá ń tọ́jú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ó kọ́kọ́ tú agbára sípíríǹgì sílẹ̀, torí bí ẹ̀rọ bá ṣì wà ní kíká nígbà tí wọ́n ń tú u, eyín jíà lè kán. Ó fọ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, ó fi sípíríǹgì tuntun sí i, ó sì fi orí abẹ́rẹ́ kan òróró síbi tó yẹ nìkan. Aago náà ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sáré lóòjọ́. Ó sún irin kékeré kan títí tó fi tò. Ó dá a dojú délẹ̀, ó dá a sí ẹ̀gbẹ́, ó ń wò bó ṣe ń rìn, kó tó gbé e fún ọmọ náà.

Bí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta òróró sí i láìtú u fọ̀; ìdọ̀tí àtijọ́ ló máa pò mọ́. Ẹ yí i láràárọ̀, kẹ́ ẹ sì dáwọ́ dúró níbi tó bá ti le. Ẹ bọ́ ọ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan omi.