Ṣé lóòótọ́ ni abẹ́rẹ́ éèdì yẹn ṣiṣẹ́ fún aláwọ̀ dúdú?

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Morogbo gbà pé wọ́n ti rí abẹ́rẹ́ àjẹsára éèdì tó ń ṣiṣẹ́ fún aláwọ̀ dúdú. Mo mọ ibi tọ́rọ̀ náà ti wá. Ní 2003, abẹ́rẹ́ tí iléeṣẹ́ VaxGen ní Amẹ́ríkà fi dán nǹkan bí 5,000 èèyàn wò kò ṣiṣẹ́. Ni wọ́n bá gbé èsì ẹgbẹ́ kéékèèké jáde. Nínú aláwọ̀ dúdú, 4 nínú 203 tó gba abẹ́rẹ́ ló kó àrùn, 9 nínú 111 tó gba ayédèrú. Èèyàn 13 péré ni gbogbo ariwo yẹn!

Téèyàn bá yẹ ẹgbẹ́ púpọ̀ wò, ọ̀kan á ṣèèṣì dáa. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ 10, òdiwọ̀n 0.05 yẹ kó di 0.005. VaxGen kéde 0.02, láìṣe àtúnṣe yẹn. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ síwájú ni pé abẹ́rẹ́ náà kò ṣiṣẹ́. Kí wọ́n wá sọ iye ẹgbẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò, àti èyí tí wọ́n ti pinnu ṣáájú, kí wọ́n tó dárúkọ aláwọ̀ dúdú rárá.