Lẹ́tà Lórí Sáfà Tí Wọ́n Dínà Mọ́

Lẹ́tà tí oníṣòwò kékeré bá kọ sí iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì tó dínà mọ́ sáfà ímeèlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rí dání. Kí ó kọ àdírẹ́sì sáfà náà, bíi `203.0.113.25`, ọjọ́ àti aago, kí ó sì da èsì tó gbà kọ láìyọ ọ̀rọ̀ kan. `550` túmọ̀ sí pé wọ́n kọ̀ ọ́ pátápátá; èyí tó bá fi 4 bẹ̀rẹ̀ ṣì lè wọlé tó bá yá. Nígbà mìíràn, wọ́n máa ń dínà mọ́ àdírẹ́sì 256 lẹ́ẹ̀kan náà nítorí aládùúgbò kan tó ń fi ímeèlì jìbìtì ránṣẹ́, ìyà ńlá sì nìyẹn fún aláìṣẹ̀. Síbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ yẹ àkọsílẹ̀ sáfà rẹ̀ wò: bí ímeèlì tí kò mọ̀ bá ń jáde lóru, ó ṣeé ṣe kí olè ti gba páásíwọ́ọ̀dù òṣìṣẹ́ kan.