Ìtẹ́nú Bàtà Ni Òórùn Ń Gbé

Ẹni tó bá ti sùn rí ní yàrá àwọn àgùnbánirọ̀ ní ọgbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń sáré, tí wọ́n ń yan bíi sójà, kánfáàsì funfun kan náà lẹ́sẹ̀, òjò ń pa á, òógùn ń rin ín, kò sì ráyè gbẹ dénú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Bí ọmọ bá délé, ìyá rẹ̀ á ní kó kọ́kọ́ gbé bàtà yẹn síta ná. Ìgbà náà ni ìmọ̀ràn á bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní kó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná pẹ̀lú bílíìsì, ẹlòmíràn á ní kó sá a sórí páànù lọ́sàn-án gangan. Òórùn lè lọ lóòótọ́, àmọ́ bàtà náà lè bá a lọ.

Òógùn fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ara awọ ẹsẹ̀ gbogbo wa ló ń jẹ ohun tó wà nínú òógùn àti èépá awọ tó ń ṣí kúrò lẹ́sẹ̀. Lára ohun tí wọ́n ń yà sílẹ̀ ni ásíìdì kan tó ń rùn bíi wàrà tó ti kan. Òkùnkùn, ooru àti ọ̀rinrin ni wọ́n fẹ́ràn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì ń rí nínú bàtà. A kò lè ṣe nǹkan kan sí òkùnkùn àti ooru nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà nínú rẹ̀. Ọ̀rinrin nìkan la lè fi dù wọ́n, ìdí nìyẹn tí lọ́fínńdà tí a fọ́n sínú bàtà tútù kì í fi ṣiṣẹ́ kọjá ọ̀sán ọjọ́ kan.

Kí o tó fọ ohunkóhun, yọ ìtẹ́nú bàtà, ìyẹn pèlébé tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń gúnlẹ̀ lé. Gbóòórùn rẹ̀ lọ́tọ̀, kí o sì gbóòórùn bàtà lọ́tọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìtẹ́nú ló ń rùn jù, nítorí fóòmù rẹ̀ ló ń fa òógùn mu. Bí ó bá ti fàya tàbí tó ti dúdú gbá, rírà òmíràn rọrùn ju kí á máa bá a jà lọ.

Ká mú kánfáàsì àgùnbánirọ̀ wa yẹn. Tú okùn rẹ̀, gbọn iyanrìn inú rẹ̀ dànù. Fi omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ inú àti òde. Omi gbígbóná máa ń tú gọ́ọ̀mù tó di àtẹ́lẹ̀ mú, kí àtẹ́lẹ̀ sì tó ṣí lẹ́nu, bàtà ti bàjẹ́. Bílíìsì ńkọ́? Ó ń pa kòkòrò, àmọ́ ó lè sọ òwú funfun àti okùn rọ́bà inú aṣọ bàtà di pupa rúsúrúsú, kò sì sí ọṣẹ tó lè dá a padà. Ìtẹ́nú ni kí o rẹ lọ́tọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú omi ife méjì tí a da fínígà ife kan sí, kí o wá ṣan án dáadáa. Má ṣe jẹ́ kí fínígà àti bílíìsì pàdé nínú ike kan náà láéláé, nítorí èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró léṣe.

Ibi ṣíṣan ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Ọṣẹ tó bá kù nínú aṣọ bàtà máa ń bá omi jáde sí ojú rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, òun ló sì ń fa àbàwọ́n ìyeyè létí bàtà funfun. Ṣan án títí omi yóò fi mọ́ gaara, kí o wá fi tíṣù funfun wé òde rẹ̀ kó tó gbẹ. Tíṣù náà ni àbàwọ́n yóò bá lọ. Abẹ́ òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́ tàbí iwájú fáànù ni kó ti gbẹ, pẹ̀lú bébà tí a rún kún inú rẹ̀, tí a sì ń pààrọ̀ bó bá ti tutù. Lásìkò òjò, ó lè gbà tó ọjọ́ méjì. Bí o bá tẹ ìka mọ́ igun ibi ọmọ ìka ẹsẹ̀, tó ṣì tutù, kò tíì gbẹ.

Ìgbà tó bá gbẹ tán ni bákìn sódà wúlò. Ṣíbí ìjẹun kan nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó sun ibẹ̀ mọ́jú, kí o gbọ̀n ọ́n dànù láàárọ̀. Ó ń pa agbára ásíìdì tó ń rùn náà. Àwọn kan máa ń da fínígà lé e lórí, inú wọn á sì dùn bí wọ́n bá rí ìfófòó tó ń hó. Ńṣe ni àwọn méjèèjì ń pa agbára ara wọn níbẹ̀.

Bàtà aláwọ kò gba irú ìyẹn. Awọ tó jẹ́ awọ gidi ní epo nínú, epo yẹn ló ń jẹ́ kó lè tẹ̀ láìsán. Tí o bá rẹ ẹ́ sómi tàbí sá a sóòrùn, epo náà á lọ, ìlà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í là níbi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń tẹ bàtà. Bákìn sódà tó bá kan awọ máa ń gbẹ ẹ́, ó sì máa ń fi ẹfun sílẹ̀ sójú rán. Nítorí náà, dì í sínú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ tí a so lẹ́nu, kí o gbé e sínú bàtà di àárọ̀. Ṣáájú ìyẹn, fi aṣọ tí a kàn tì bọ omi ọṣẹ, tí a sì fún gan-an, nu inú rẹ̀ nìkan, lẹ́yìn náà aṣọ tí a fi fínígà ìlàrin àti omi ìlọ́po méjì rẹ̀ rin. Dán an wò lábẹ́ ahọ́n bàtà ná. Bí àwọ̀ bá kó sára aṣọ, omi lásán ni kó o lò. Sípíríìtì tí a fi ń nu ojú egbò ni kò yẹ kó dé ibẹ̀, ó ń bó àwọ̀. Bó bá gbẹ, kí o fi pólíìṣì sí òde rẹ̀. Awọ onírun-ún-rún ti yàtọ̀: omi kò gbọ́dọ̀ kàn án, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ló mọ̀.

Ọ̀pọ̀ bàtà tí wọ́n ń pè ní aláwọ lọ́jà ni kì í ṣe awọ. Wo etí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e: awọ gidi máa ń ní okùn wínníwínní, ayédèrú a máa fi aṣọ hàn lábẹ́ rọ́bà. Ìyẹn kì í mí, kò sí ohun tí a lè ṣe tí kò ní tètè rùn. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ ní láti máa wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú, kó sì ní méjì tó ń pààrọ̀, kí ọ̀kan lè sinmi odidi ọjọ́ kan. Òun náà kan bàtà awọ gidi.

Kàfúrà roboto tí àwọn kan ń jù sínú bàtà ni mo fẹ́ fi kìlọ̀. Kì í pa òórùn, ńṣe ló ń bò ó. Èéfín rẹ̀ sì lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun tí èròjà G6PD kò tó lára rẹ̀ jẹ́, kí ọmọ náà wá pọ́n lójú. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ilé tí ọmọ jòjòló wà, èédú gbígbẹ tí a dì sínú ìbọ̀sẹ̀ sàn jù ú lọ.

Bí o bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ìtẹ́nú jẹ́ tuntun, tí òórùn tún padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ sí ìmọ́lẹ̀. Ihò wínníwínní tó dà bíi pé a fi abẹ́rẹ́ gún un, tàbí awọ funfun tó ń bó láàárín ìka, jẹ́ àmì àrùn awọ. Ó ní oògùn ìpara tirẹ̀, dókítà ló sì máa mọ èyí tó yẹ, nítorí ti ihò yàtọ̀ sí ti àárín ìka.