Bí A Ṣe Ń Gé Déètì Kúrò Lára Fọ́tò Ẹbí

Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà onífíìmù máa ń tẹ déètì aláwọ̀ ọsàn sí igun ìsàlẹ̀ fọ́tò. Bí ẹ bá ti ya fọ́tò ìsọmọlórúkọ àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ déètì náà mọ́ orúkọ fáìlì, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ̀dà ni kí ẹ gé.

Ká ní fọ́tò náà fẹ̀ ní píksẹ́lì 3600, ó sì ga ní 2400. Bí déètì kò bá ga kọjá 180 láti ìsàlẹ̀, ẹ gé 200 kúrò níbẹ̀. Kí ìrísí rẹ̀ má baà yí padà, ẹ gé 150 lọ́tùn-ún àti 150 lósì.

Bí ẹsẹ̀ ìyá àgbà bá wà níbi tí ẹ fẹ́ gé, ẹ fi déètì sílẹ̀.