Ẹnu Wọ́, Apá Rọ: Kí Ni Aago Wí?

Òṣìṣẹ́ ìlera tó fẹ́ bá àwọn ọlọ́jà sọ̀rọ̀ nípa rọpárọsẹ̀, kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dí tàbí tó bẹ́. Kó ní kí gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí wọ́n dijú, kí wọ́n sì wí pé, "Mo fẹ́ lọ sọ́jà láàárọ̀ yìí." Ẹ̀rín tó wọ́ sápá kan, ọwọ́ kan tó ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ lẹ́nu: bí ọ̀kan péré bá dé lójijì, kí wọ́n wá mọ́tò. Bó tiẹ̀ lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ilé ìwòsàn náà ni, torí ó lè padà wá, kó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kí wọ́n wá béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: ìgbà wo la rí i kẹ́yìn tára rẹ̀ dá? Ká ní Ìyá Bọ́lá sùn láago 10 alẹ́ lálàáfíà, ó jí láago 6 àárọ̀, ẹnu ti wọ́. Ará ilé á ní aago 6 ló bẹ̀rẹ̀. Aago 10 alẹ́ ni dókítà máa kà, torí oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, níbi tó bá wà, kì í sábà kọjá wákàtí 4 àbọ̀ kí wọ́n tó fún èèyàn. Síbẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ. Ìtọ́jú mìíràn ṣì wà. Àmọ́ kò sépo pupa, kò ságbo, kò sómi lẹ́nu o! Ọ̀fun tó ti rọ lè darí rẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kò sí ásípírìn pẹ̀lú: bó bá jẹ́ pé iṣan ló bẹ́, á dá kún un, àwòrán orí nìkan ló sì lè sọ èyí tó jẹ́.

Ti ọkàn yàtọ̀. Àyà á wúwo, á máa fún èèyàn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó lè ràn dé apá òsì, àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn, òógùn tútù á sì bò ó. Àwọn obìnrin àti alátọ̀gbẹ lè má tiẹ̀ rí ìrora àyà rárá: èémí tí kò délẹ̀, èébì àti àárẹ̀ òjijì ni. Ọgbẹ́ inú ni wọ́n sábà máa ń pè é, wọn á lo oògùn rẹ̀, wọn á lọ dùbúlẹ̀.

Tó bá kan iyọ̀, kó bu ṣíbí tíì kan tó tẹ́ sórí bébà. Nǹkan bíi gíráàmù 5 nìyẹn, kò sì yẹ kí àgbàlagbà kan jẹ tó bẹ́ẹ̀ lójúmọ́. Máàgì wà nínú ìṣirò náà o: nǹkan bí ìdajì rẹ̀ iyọ̀ ni. Ẹni tó dín iyọ̀ kù tó fi máàgì mẹ́rin dípò rẹ̀ kò tíì dín nǹkan kan kù.

Eré ìdárayá kò gba owó. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, tó. Kó yára débi téèyàn á lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí kò ní lè kọrin. Bí àyà bá ń fún ẹnì kan bó ṣe ń rìn, tó sì ń fi í sílẹ̀ bó bá dúró, kó jáwọ́ ńbẹ̀ títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.